Gáùn tí kò gba ìyá ìbejì

Àǹtí wa, ó ti pé ọdún méjì tí ìyàwó mi bí ìbejì. Nígbà tí ọjọ́ ìbí ìyàwó mi ń bọ̀, mo ra ànkárá yáàdì 6 ní ọjà Sábọ̀, mo sì yọ́ mú gáùn kan tí ó rán kí a tó ṣe ìgbéyàwó lọ bá télọ̀ kí ó fi wọ̀n ọ́n. Gáùn tuntun tí télọ̀ rán kò gba ìgbáyà ìyàwó mi. Ó rọra ká a, ó sì dá a padà fún mi. Ní ọjọ́ kejì, mo ra gáùn tí ó tóbi jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ìyẹn ni ó wá sunkún lé lórí. Kí ni kí n ṣe?
Ọkọ Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ọkọ Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Gáùn kejì ni ó dun obìnrin náà jù. Èyí tí ó kéré sọ fún un pé ara tí ó ní kí ó tó bímọ ni ẹ ṣì ń rántí; èyí tí ó tóbi wá sọ bí ó ṣe rí lójú yín nísinsìnyí. Mo mọ̀ pé kò sí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn yín, ṣùgbọ́n aṣọ ti bá yín sọ ọ́. Ẹ dá gáùn ńlá náà padà fún ẹni tí ó tà á, bí ó bá lè gbà á.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ sọ fún un pé: "Aṣọ àtijọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́, n kò sì bi ọ́ léèrè. Má bínú." Ẹ má ṣe di ẹ̀bi ru télọ̀, ohun tí ẹ gbé fún un ni ó rán. Ẹ má sì fi kún un pé ó ṣì lẹ́wà, nítorí "ṣì" yẹn nìkan tó láti dá ìjà mìíràn sílẹ̀.

Bí ó bá ṣì fẹ́ ànkárá náà, kò tíì bàjẹ́. Gáùn kì í sábà gba gbogbo yáàdì 6, nítorí náà ẹ tètè béèrè àjẹkù, nítorí àjẹkù aṣọ kì í pẹ́ nílé télọ̀ kí ó tó di ẹ̀wù ọmọ ẹlòmíràn. Kí télọ̀ yí inú gáùn síta: bí ó bá fi aṣọ sílẹ̀ ní ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò tú u díẹ̀, bí kò bá fi sílẹ̀, yóò gé àjẹkù tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láti abíyá dé ìbàdí. Ṣùgbọ́n bí àlàfo náà bá ju ìka mẹ́rin lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò hàn bí aṣọ tí a lẹ̀. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ó sàn kí wọ́n tú gáùn náà pátápátá, kí wọ́n gé bùbá lára ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ó bá fẹ̀ tó, kí wọ́n sì fi yáàdì 2 nínú àjẹkù ṣe ìró. Ìró kò nílò ìwọ̀n, bí ara bá ti rí ni a ṣe ń ró o.

Òun fúnra rẹ̀ ni kí ó lọ, kí ó sì yan èyí tí ó bá wù ú. Ẹ̀yin ẹ san owó rírán, kí ẹ sì gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi dé, nítorí ìbejì ọlọ́dún méjì àti àlùmọ́gàjí télọ̀ kò gbọdọ̀ pàdé.