Irú ìwàásù wo ló bá ìjọ tàgbà tèwe mu?

Ìjọ wa ní ọmọdé, ìyá àgbà tí kò mọ̀wé àti olùkọ́ yunifásítì. Ṣé ìwàásù olórí-ọ̀rọ̀ ni, ti àlàyé ẹsẹ-dé-ẹsẹ, àbí ti onítàn?

Ẹ fi ìtàn ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ sì máa ṣàlàyé ẹsẹ rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ wo Lúùkù 15:11-32, ìtàn ọmọ onínàákúnàá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọdé á bá ìtàn náà lọ. Ìyá àgbà kò ní máa ṣí Bíbélì kiri. Fún ọ̀mọ̀wé, ẹ padà sí ẹsẹ 1 àti 2: àwọn Farisí tó ń kùn níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n tó bínú jọ. Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń dúró ní ẹsẹ 24, ẹ̀gbọ́n á wá di ẹni ìgbàgbé. Olórí-ọ̀rọ̀ dára fún ìbéèrè kan pàtó, bíi gbèsè, ṣùgbọ́n ẹ má kọjá ibi kíkà méjì.