Íńkì aláwọ̀ tó ń tán lórí ìwé tí kò ní àwọ̀

“Ẹ̀yin àgbà, PDF aláwọ̀ kan ni mo fẹ́ tẹ̀. Mo ti sọ ọ́ di dúdú-òun-funfun, síbẹ̀ íńkì aláwọ̀ mi ṣì ń tán, fáìlì náà kò sì fúyẹ́ rárá. Níbo ni mo ti ṣì í?”

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú níbí. Tíṣà kan gbé ìwé ẹ̀kọ́ olójú ewé 64 wá, ó fẹ́ ẹ̀dà 30. Mo yí i sí àwọ̀ eérú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Kí n tó tẹ ẹ̀dà 20, iná íńkì pupa ti ń ṣẹ́jú. Mo ní ayédèrú íńkì ni wọ́n tà fún mi, mo lọ bá ẹni tó tà á jà. Nígbà tí òótọ́ hàn, mo padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Fáìlì lè má ní àwọ̀ kankan mọ́, àmọ́ bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ṣì wà ní ipò aláwọ̀, ó lè po búlúù, pupa àti yẹ́lò pọ̀ láti fi ṣe eérú. Mo mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo fi wo àwòrán kan lójú ewé kejì: ibi tí ojú lásán ti rí eérú, tóótòòtó búlúù àti pupa ló kún ibẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí Preferences, kí ẹ yan Grayscale tàbí Black ink only, èyí tó bá wà níbẹ̀. Ẹ fi irú pépà sí Plain paper. Bí ẹ bá fi í sí pépà fọ́tò, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í lo íńkì dúdú náà rárá. Íńkì aláwọ̀ yóò ṣì máa dín díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fọ orí ara rẹ̀. Ìyẹn kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Ti fáìlì wá kù. Ghostscript ni mò ń lò, ètò kọ̀ǹpútà tí a ń kọ àṣẹ fún láti ṣiṣẹ́ lórí PDF (lórí Windows, gswin64c ni ẹ máa kọ dípò gs):

```
gs -sDEVICE=pdfwrite -sColorConversionStrategy=Gray -dProcessColorModel=/DeviceGray -dPDFSETTINGS=/ebook -o eeru.pdf awo.pdf
```

Yíyọ àwọ̀ nìkan kì í sọ fáìlì di fúfúyẹ́ tó bí a ṣe ń rò. JPEG ti fún ìsọfúnni àwọ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn àwòrán ló gba àyè jù. Fáìlì tíṣà yẹn jẹ́ 38 MB, ó di 33 nígbà tí mo yọ àwọ̀ nìkan. /ebook ló mú un wá sí 9, torí ó dín àwòrán 300 dpi kù sí 150, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin píkísẹ́lì ló ṣẹ́kù. Fún ìwé kíkà, 150 tó. Bí lẹ́tà kéékèèké bá wà nínú àwòrán, ẹ fi /printer rọ́pò /ebook.

Láti mọ̀ bóyá àwọ̀ ti tán nínú fáìlì, ẹ kọ èyí:

```
gs -o - -sDEVICE=inkcov eeru.pdf
```

Yóò gbé nọ́ńbà mẹ́rin jáde fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.00000. Ìkẹrin ni ti dúdú: ó ń sọ ìwọ̀n àyè ojú ewé tí íńkì kàn. Ojú ewé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán kì í ju díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí 0.9, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fóònù ni wọ́n fi ya ìwé náà. Ohun tó dà bíi funfun lójú yín, eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀rọ yóò sì fi íńkì dúdú kun gbogbo rẹ̀. Mọ́kànlá nínú àwọn ojú ewé tíṣà yẹn ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kó tún wọn yà, kó yan ipò dúdú-òun-funfun nínú áàpù tó fi ń ya ìwé. Kò gbà á ní ogún ìṣẹ́jú.

Ibi kan tí ẹ ní láti fi ojú tó: pupa tó dán àti gíríìnì ṣíṣókùnkùn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di eérú kan náà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò ṣírò rẹ̀, pupa 255,0,0 yóò di 76, gíríìnì 0,128,0 yóò di 75. Máàpù kan nínú ìwé yẹn ní ọ̀nà pupa àti odò gíríìnì, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀nà yàtọ̀ sí odò. Ojú ewé yẹn nìkan ni mo tẹ̀ ní àwọ̀ fún un, ẹ̀dà 30 pérépéré, láìgba kọ́bọ̀ lé e.