Féríìtìn "nọ́mà" kò ní kí áyọ́ọ̀nù tó

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Obìnrin ẹni ọdún 38, egbò ẹsẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti oṣù mẹ́ta. Hb 8.2, MCV 66. Féríìtìn 62, lábù kọ pé ó nọ́mà, a jẹ́ pé kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Ṣé ká ṣe jẹ́nótáìpù nítorí tálásímíà ni, àbí ká fa ẹ̀jẹ̀ sí i?"

Ìdáhùn: Dókítà, "nọ́mà" yẹn ló ṣì yín lọ́nà, ó sì ń dùn mí gan-an torí ọ̀pọ̀ ló ń kó irú èsì yìí lọ sílé láìgba áyọ́ọ̀nù kankan. Lóòótọ́ féríìtìn ni ara fi ń tọ́jú áyọ́ọ̀nù pamọ́, ṣùgbọ́n bí ara bá ti ń bá egbò tàbí kòkòrò jà, féríìtìn á kàn máa ga sókè ni, ì báà jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù wà nípamọ́ tàbí kò sí. Mo ní kí wọ́n ṣe CRP lórí ẹ̀jẹ̀ kan náà, èyí tó ń fi hàn bóyá ara ń bá nǹkan jà, 48 ni, ó ga. Ìlànà WHO ti 2020 ní féríìtìn tí kò tó 15 ni àmì àìtó áyọ́ọ̀nù fún àgbàlagbà tára ẹ̀ le, ṣùgbọ́n fún ẹni tára ẹ̀ ń bá egbò tàbí kòkòrò jà báyìí, èyí tí kò bá ti tó 70 ni. Ẹ wá wo 62 yẹn.

Ìyókù èsì náà sọ ohun kan náà. RBC ẹ̀ 4.1 péré, RDW 19, lórí síláìdì sì rèé, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kéré, àárín wọn funfun, òmíì gùn tínrín bíi pẹ́ńsù. Ẹni tó kàn jogún tálásímíà fẹ́ẹ́rẹ́, RBC ẹ̀ sábà máa ń ju 5 lọ, Hb ẹ̀ kì í sì í já sí 8. Ẹ jẹ́ kí jẹ́nótáìpù dúró ná: AA kò yọ tálásímíà áfà kúrò, èyí tó pọ̀ láàárín wa, àìtó áyọ́ọ̀nù sì lè fa HbA2 sílẹ̀ kó bo ti bétà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ rí aláìsàn o, èmi ò rí i. Bí kò bá sí àyà dídùn, tí èémí ò ká a lára, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì máa ya lára ẹ̀, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Fẹ́rọ́ọ̀sì sọ́fẹ́ètì 200 mg ẹyọ kan lójúmọ́, kó lò ó kó tó jẹun, kó má fi tíì lé e. Bílọ́ọ̀dù tọ́níìkì kò lè rọ́pò ẹ̀. Ẹ tọ́jú egbò yẹn náà torí bó bá wà níbẹ̀, ìfun kì í gba áyọ́ọ̀nù dáadáa.

Ẹ bi í nípa nǹkan oṣù ẹ̀, ẹ yẹ fáíbírọ́ìdì wò, ẹ bi í bóyá ìgbẹ́ ẹ̀ ń dúdú, kẹ́ ẹ sì yẹ ìgbẹ́ wò fún aràn. Ẹ tún Hb ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó yẹ kó ti fi bíi 2 lé sí i. Bí ò bá lé, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń lo oògùn náà lóòótọ́, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ sí mi ká jọ sọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù inú iṣan tàbí tálásímíà. Bó bá lé, kó máa lò ó fún oṣù mẹ́ta sí i lẹ́yìn tí Hb bá ti pé.