Kí là ń kí dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì?

Ìbéèrè: Mo máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ "Ògún á gbè yín o" fún dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, kí ni wọ́n ń fi dáhùn, ṣé èmi tí mo jẹ́ onígbàgbọ́ náà lè sọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ náà "gbè" ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dáadáa, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Kí nǹkan gbè èèyàn ni pé kó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó ṣe é lóore, bí a ṣe ń sọ pé "orí gbè mí." Bí ẹ bá wá gbé ohùn sókè tí ẹ ní "Ògún á gbé yín", ẹ ti ní kí Ògún gbé e lọ nìyẹn, kò sì sí dẹ́rẹ́bà tí yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ lówùúrọ̀ tí inú rẹ̀ á dùn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tí ẹ jù lọ́jọ́ orí, "Ògún á gbè ẹ́ o" ni.

Irin ló so awakọ̀ mọ́ Ògún, bó ṣe so alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti mẹkáníìkì mọ́ ọn. Oríkì rẹ̀ pè é ní ọlọ́nà ọlà, òun kan náà ni wọ́n sì ní ó lómi nílé fẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Ẹni tó ń la ọ̀nà ló ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì ni awakọ̀ ń bẹ̀rù kí ó má ta sílẹ̀ lójú títì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn awakọ̀ kan fi máa ń fi ajá bọ Ògún, tí àwọn àgbà sì máa ń gbàdúrà pé kí a má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Gbogbo ohun tó wà nínú àdúrà gígùn yẹn ló wà nínú "Ògún á gbè yín."

Dẹ́rẹ́bà lè dáhùn pé "Àṣẹ o." Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "Ògún á gbè wá o." Ẹ wò ó bí "yín" ṣe di "wá": òun nìkan lẹ kí, ó sì kó gbogbo èrò ọkọ̀ mọ́ra.

Ní ti ẹ̀sìn yín, ẹ má fipá sọ ohun tí ọkàn yín kò gbà. "Ọlọ́run á ṣọ́ yín o" ń ṣe iṣẹ́ kan náà, "Àmín" ni wọ́n sì ń fi dáhùn. Mo ti rí dẹ́rẹ́bà tó fi tẹ̀sùbáà kọ́ iwájú ọkọ̀ tó dáhùn "Àṣẹ" fún bàbá tó fi Ògún kí i. Àdúrà rere ló gbọ́.

Ìgbà tí ẹ máa kí i náà ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ ká ní láti Ìwó Ród n'Íbàdàn lẹ ti ń lọ sí Ifẹ̀. Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀, àwọn tí ẹ bá níbẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ kí pé "Ẹ kú ìjókòó o", wọ́n á ní "Ẹ káàbọ̀", wọ́n á sì sún fún yín. Lásìkò yẹn dẹ́rẹ́bà lè ṣì wà nílẹ̀ tó ń bá agbèrò ṣírò owó. "Ẹ kú iṣẹ́ o" ti tó o. Ìgbà tó bá jókòó tó mú ọwọ́ lé sítíárìn ni kí ẹ tó súre fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan nínú èrò sábà máa ń gbàdúrà, tí gbogbo ọkọ̀ á ṣe "àmín". Bí ẹnì kan bá bọ́ sílẹ̀ ní Ìkirè, "Ẹ gúnlẹ̀ láyọ̀ o" ló máa sọ fún àwọn tó kù.

Ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn kì í sábà ní kọndọ́, dánfó ìgboro ni tiẹ̀. "Kọndọ́" kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n bó bá jù yín lọ, "ẹ̀gbọ́n" ló dùn ún gbọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣéńjì mi ń kọ́?" Mo ti rí i pé ṣéńjì máa ń tètè jáde bẹ́ẹ̀ ju kéèyàn pariwo lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Àwọn tó bá ti gúnlẹ̀ là ń kí pé "Ẹ kú ewu ọ̀nà", a kì í sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe sọ "Ó dàrìnnàkò" fún ẹni tó ń wọkọ̀ lọ. Òkú là ń fi ìyẹn dágbére fún. "Ó dàbọ̀" ni ti arìnrìn-àjò, torí pé à ń retí kó padà wálé.