Bíràkẹ́ẹ̀tì onígun L: ìdí tí sítírẹ́ẹ̀sì rẹ kò fi dúró, àti bí ó ṣe yẹ kí o dè é mọ́ ògiri

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fi bíràkẹ́ẹ̀tì onígun L gbé ẹ̀rọ tó tó 100 kg sára ògiri. Irin rẹ̀ nípọn 8 mm, ó fẹ̀ ní 60 mm, bóòtù M10 méjì ló dì í mú. FreeCAD ni mo fi ń yà á, òun náà ni mo fi ń ṣírò rẹ̀. Bí mo bá ṣe ń sọ mẹ́ṣì tí kọ̀ǹpútà fi pín irin sí ẹyọ-ẹyọ di wẹ́wẹ́ tó ni sítírẹ́ẹ̀sì ń ga sí i, kò dúró. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dè pa. Èwo nínú àwọn nọ́ńbà yìí ni kí n gbà?"

Àbúrò, má tíì gba ọ̀kankan nínú wọn. Lọ wo igun inú, ibi tí apá tó gbé ẹrù ti pàdé apá tó fara ti ògiri. Ó dá mi lójú pé igun mímú lo yà síbẹ̀, pé o kò yí i rárá.

Igun inú tó bá mú bẹ́ẹ̀, ìṣirò fúnra rẹ̀ sọ pé sítírẹ́ẹ̀sì ibẹ̀, ìyẹn agbára tó ń fa irin lórí ìwọ̀n ojú kan, kò lópin. Bí o bá ṣe sún mọ́ orí igun tó ni nọ́ńbà ń ga tó, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mẹ́ṣì wẹ́wẹ́ sì ń ṣe ni pé ó ń sún ọ mọ́ orí igun náà. Fún igun 90° bíi tìrẹ, gbogbo ìgbà tí o bá dín ìwọ̀n ẹ́límẹ́ǹtì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ṣì, kù sí ìdajì ni sítírẹ́ẹ̀sì yóò di bí ìlọ́po 1.37. Bí 4 mm bá fún ọ ní 190 MPa, 2 mm yóò fún ọ ní 260, 1 mm yóò fún ọ ní 357, 0.5 mm yóò sì sún mọ́ 490. Mú àwọn nọ́ńbà tìrẹ, kí o fi ti àkọ́kọ́ pín ìkejì, kí o fi ìkejì pín ìkẹta. Bí èsì rẹ̀ bá ń jẹ́ nǹkan bí 1.3 sí 1.4 ní gbogbo ìgbà, tí kò sún mọ́ 1, igun yẹn ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ń ta mí lára nítorí ohun tí ojú mi rí lórí bíràkẹ́ẹ̀tì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tìrẹ dọ́gba. Èmi yí igun inú tèmi, 8 mm ni mo fi yí i, nítorí pé irin tí wọ́n bá tẹ̀ kò lè ní igun mímú láéláé. Iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà tí oníṣẹ́, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa, gbà pé kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ìyí igun yẹn kéré, ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pẹ́, ó bá yọ ọ́ kúrò, ó fi mẹ́ṣì 0.5 mm sí i. Gbogbo igun pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó kọ ìwé pé irin máa ṣẹ́, kí a lọ sọ ọ́ di 12 mm. Mo fi ìṣirò ọwọ́ ránṣẹ́, ó ní ìṣirò ọwọ́ ti di nǹkan àtijọ́.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a sọ ọ́ di 12 mm. Ìṣirò ọwọ́ fi hàn pé sítírẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, láti 156 sí 69. Ṣùgbọ́n igun mímú ṣì wà nínú àwòrán tirẹ̀, mẹ́ṣì 0.5 mm sì ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà sọ pé 261. Irin tí a ń lò kì í kọjá 250 MPa kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò tíì nípọn tó! Bó bá ní ká gbé e dé 20 mm, tó sì tún dín mẹ́ṣì kù sí i, ìtàn kan náà ni a ó máa gbọ́. Owó wa wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wo ojú mi. Ohun tó tú wa sílẹ̀ ni pé a gbé irin 8 mm yẹn kọ́ sára ògiri, a gbé 100 kg lé e, a sì fi géèjì olójú bíi aago wọ̀n bó ṣe tẹ̀. Ẹni tó bá ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọ̀ pupa nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ó gbọ́dọ̀ béèrè bóyá nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúró síbì kan.

Nítorí náà, yí igun inú. Fún irin 8 mm, ìyí 8 mm bójú mu fún ẹ̀rọ tó ń tẹ irin. Kí o tó tún fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ṣe ìṣirò yìí sórí ìwé. Mo gbà pé 100 mm ni ẹrù fi jìnnà sí àárín apá tó fara ti ògiri, mo sì ka 100 kg sí 1000 N. M ni agbára ìtẹ̀, Z ni bí ìrísí irin ṣe ń dènà ìtẹ̀, rn ni ìyí ibi tí irin kò ti fà tí kò sì tì, e ni àlàfo láàárín ibẹ̀ àti àárín irin, s ni sítírẹ́ẹ̀sì inú ìtẹ̀, 480 sì ni 60 * 8:

```
M  = 1000 * 100      = 100000 N.mm
Z  = 60 * 8^2 / 6    = 640 mm^3
M/Z                  = 156 MPa
rn = 8 / ln(16/8)    = 11.54 mm
e  = 12 - rn         = 0.458 mm
s  = M*(rn-8)/(480*e*8) = 201 MPa
```

156 jẹ́ ti irin tó tọ́. Irin tó tẹ̀ máa ń kó sítírẹ́ẹ̀sì jọ sí inú ìtẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi di 201. Ìyẹn ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà rẹ gbọ́dọ̀ máa rìn lọ bá.

Nípa mẹ́ṣì, lo ẹ́límẹ́ǹtì onípò kejì, èyí tí CalculiX, ètò tó ń ṣírò fún FreeCAD, ń pè ní C3D10. C3D4, onípò kìíní, máa ń le ju irin gidi lọ, yóò bù fún ọ ní nọ́ńbà tó kéré, ọkàn rẹ yóò sì balẹ̀ lásán. Rí i pé ó kéré tán ẹ́límẹ́ǹtì méjì wà nínú nínípọn irin. Inú ìtẹ̀ nìkan ni kí o ti máa sọ ọ́ di wẹ́wẹ́, jẹ́ kí ìyókù wà bó ṣe wà. Kí o sì yan ibì kan ṣoṣo, àárín fífẹ̀ irin nínú ìtẹ̀, kí o máa ka nọ́ńbà ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nọ́ńbà tó ga jù lọ nínú gbogbo àwòrán kò wúlò fún èyí, nítorí pé ó lè fò láti ibì kan sí ibòmíràn láìsọ fún ọ. Tèmi lọ báyìí: 4 mm fún mi ní 188, 2 mm fún mi ní 198, 1 mm fún mi ní 201. Láti 198 sí 201 kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, mo dúró síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ńṣe lo fẹ́ jó irin méjì pọ̀ dípò kí o tẹ ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Etí ibi tí wọ́n jó kò ní ìyí tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀n, mẹ́ṣì ò sì ní dúró níbẹ̀. Fún ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, ka sítírẹ́ẹ̀sì ojú irin ní 3.2 mm àti ní 8 mm sí etí náà, kí o sì ṣe `1.67*s1 - 0.67*s2`, níbi tí s1 jẹ́ ti 3.2 mm. Àwọn tó ń ṣírò àárẹ̀ irin tí wọ́n jó mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igun pupa yẹn dá ọ dúró.

Ní ti ẹ̀yìn tí o dè pa, ìyẹn ni yóò fa wàhálà kejì. Ògiri máa ń ti nǹkan, kì í fa nǹkan mọ́ra. Nígbà tí ẹrù bá tẹ orí apá náà wálẹ̀, gìgísẹ̀ bíràkẹ́ẹ̀tì á tẹ ògiri, òkè rẹ̀ á sì fẹ́ ṣí kúrò. Bóòtù ló ń dá a dúró. Bí o bá dè gbogbo ẹ̀yìn pa, o ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ohun tó lè tàn ọ́ ni pé nọ́ńbà inú ìtẹ̀ kò ní yàtọ̀ púpọ̀, torí ẹrù àti jíjìnnà rẹ̀ ló ń pinnu ìyẹn. Ibòmíràn ni irọ́ náà wà. Tí ẹ̀yìn bá lẹ̀ pa, orí apá yóò tẹ̀ ní bíi 0.6 mm. Tí apá ẹ̀yìn bá lè tẹ̀ láàárín gìgísẹ̀ àti bóòtù, tó jìnnà síra ní 60 mm, yóò di nǹkan bí 0.9 mm. Géèjì tiwa lé díẹ̀ ní 0.9. Bóòtù rẹ pàápàá kò sí nínú àwòrán tí o yà, o kò sì lè mọ bí ó ṣe ń fà.

Ṣe é báyìí. Ya òrùka tó fẹ̀ bíi wáṣà, 20 mm, yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, kí o dè òrùka yẹn nìkan. Ya búlọ́ọ̀kù kan sẹ́yìn kó dúró fún ògiri, dè é pa, kí o sì fi Contact constraint sí àárín òun àti bíràkẹ́ẹ̀tì. Bí ìyẹn bá ń dà ọ́ láàmú, dènà ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ní gìgísẹ̀ kó má wọnú ògiri, kí o wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá títì nìkan ni ó ń ti. Ibi tó bá ń fà, tú u sílẹ̀. Ẹrù pẹ̀lú, má fi í sórí nóòdù kan ṣoṣo, ìyẹn ojú kan nínú mẹ́ṣì, tẹ́ ẹ sórí ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ máa jókòó. Etí òrùka wáṣà náà yóò pọ́n díẹ̀, ìdí kan náà ni bíi ti igun, má kà á sí.

Lẹ́yìn náà, kó àwọn nóòdù òrùka jọ sábẹ́ orúkọ WASA, kí o béèrè RF, agbára tí ìdè fi ń dá irin dúró lórí òrùka:

```
*NODE PRINT, NSET=WASA, TOTALS=ONLY
RF
```

Ó gbọ́dọ̀ gbé 1000 N lókè sílẹ̀. Síta láti ògiri, 100000 pín sí 60 jẹ́ 1667 N, ó kéré tán, fún bóòtù méjèèjì. Tìrẹ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé etí òkè apá ẹ̀yìn tún ń tẹ ògiri, ó sì ń dá kún ohun tí bóòtù ń fà. Bó bá kéré ju 1667 lọ, ìdè rẹ kò dára.

M10 fúnra rẹ̀ kò ní rí ìyẹn bí nǹkan. Ògiri ni kí o bẹ̀rù. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí a fi ń kọ́lé níbí kò lè di bóòtù mú bẹ́ẹ̀, inú kọnkéré ni kó wọ̀ tàbí kó gba inú ògiri kọjá sí irin pẹlẹbẹ lódìkejì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣírò irin dé góńgó tí ògiri sì ya dànù.

Àti pé 201 sí 250 ti há jù fún mi, pàápàá bí ẹ̀rọ yẹn bá ń gbọ̀n. Lo 10 mm, kí o yí igun inú ní 10 mm, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 129 MPa. Ṣe mẹ́ṣì mẹ́ta, kí o fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti RF rẹ síbí, n óò bá ọ wò ó.