Àmì dẹ́símà tó sọnù ní alẹ́ tó ṣáájú owó oṣù

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ọ̀la ni a ó san owó oṣù. Fáìlì tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí báńkì dín owó àwọn òṣìṣẹ́ kan kù, ṣùgbọ́n owó àwọn mìíràn pé. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?”

Àbúrò, má tíì ṣí kóòdù. Mú iye tó wà nínú ìwé owó oṣù, kí o sì fi iye tó wà nínú fáìlì báńkì pín in fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni yóò sọ ibi tí wàá wò.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí ní Èkó, ilẹ̀ ti ṣú kí akáǹtáńtì wa tó pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí owó rẹ̀ jẹ́ 45,000 náírà, ni fáìlì náà kọ 450 náírà fún. Wọ́n ní kí a kúkú fi ọwọ́ tún un ṣe, kí oníkálukú máa lọ sílé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù, nítorí a kò tíì mọ ìlà tó bàjẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó dára, ẹni tó bá sì ń fi ọwọ́ tún owó ṣe lóru lè sọ èyí tó pé di èyí tó lé.

Mo pín iye méjèèjì fún gbogbo òṣìṣẹ́. Kò sí èsì mìíràn ju 1, 10 àti 100 lọ. Ìyẹn nìkan ti mú owó-orí àti owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú ẹ̀sùn, nítorí pé bí ó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n ń yọ owó láìtọ́, èsì ìpín náà kì bá tí gún régé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá wo kóbò wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ jẹ́ 96,412.37 gba owó rẹ̀ pé, ẹni tó yẹ kó gba 214,730.50 gba 21,473.05, àwọn tí owó wọn kò sì ní kóbò rárá ni wọ́n pàdánù jù. Àṣé òdo tó gbẹ̀yìn ni ẹnì kan ń jẹ.

Báńkì ń fẹ́ iye ní kóbò, ìlà tó ń sọ náírà di kóbò sì rí báyìí:

```
const kobo = parseInt(String(amount).replace(".", ""), 10);
```

Ìlà yìí kàn ń yọ àmì dẹ́símà kúrò ni, ó sì gbà láìbéèrè pé nọ́ńbà méjì yóò máa wà lẹ́yìn àmì náà nígbà gbogbo. Ó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ láìsí wàhálà. Mo wá fi `git log` wo ohun tó yí padà láti ìgbà tí a san owó oṣù tó kọjá, mo sì rí ìlà yìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìròyìn ìnáwó:

```
types.setTypeParser(1700, parseFloat);
```

1700 ni nọ́ńbà tí PostgreSQL fi ń dá irú dátà tó ń jẹ́ `numeric` mọ̀. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án, `numeric` máa ń dé inú Node gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ìyẹn `"214730.50"`, pẹ̀lú òdo rẹ̀. Ìlà tuntun yìí sọ ọ́ di nọ́ńbà ní gbogbo ibi tí ètò wa ti ń kà á, títí kan ibi owó oṣù, nọ́ńbà kò sì ń tọ́jú òdo ẹ̀yìn, nítorí náà ó padà di `214730.5`. Nígbà tí a yọ àmì dẹ́símà, ó di 2147305 kóbò. Ẹni tó kọ ìlà náà ní ìdí tó dára, nítorí pé bí ó ti ń ro owó pọ̀, ọ̀rọ̀ méjì kàn ń so mọ́ ara wọn di `"45000.005000.00"` ni. Bí mo bá pa ìlà rẹ̀ rẹ́ lóru yẹn, ìròyìn ìnáwó ni yóò dàrú lówùúrọ̀.

Ibi tí náírà ti ń di kóbò ni mo tún ṣe:

```
const kobo = Math.round(Number(amount) * 100);
```

Má ṣe fi `parseInt` rọ́pò `Math.round` níbẹ̀ o. Nínú JavaScript, `19.99 * 100` ń fúnni ní 1998.9999999999998, `parseInt` yóò sì sọ ọ́ di 1998, kóbò kan á lọ.

Mo tún fáìlì náà ṣe jáde, mo sì fi àròpọ̀ rẹ̀ wé ti ìwé owó oṣù títí dé orí kóbò. Akáǹtáńtì fúnra wọn ka ìlà bàbá ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Nínú ọ̀ràn tìrẹ, bí èsì ìpín bá jẹ́ 1, 10 àti 100 pẹ̀lú, wá ibi tí wọ́n ti ń yọ àmì dẹ́símà. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí 1.37 ló ń jáde, inú ìṣirò owó náà gan-an ni kí o lọ, kì í ṣe inú fáìlì báńkì.