Ṣíà kan náà, ọjọ́ kan náà

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣúná ní yunifásítì wa ní Abẹ́òkúta ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ sọ pé kéèyàn lè la ìgbà tí ọjà bá já wálẹ̀ kọjá ṣe pàtàkì ju kó máa lé èrè gọbọi lọ. Ìṣirò rẹ̀ yé mi, àmọ́ n kò tíì pàdánù owó gidi rí. Kí ni mo lè fi bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò fi ní sùn?”

Ọmọ mi, mú ṣíà kan ṣoṣo, kí o sọ ìtàn èèyàn méjì tó rà á lọ́jọ́ kan náà. Èmi ni ọ̀kan nínú wọn.

Oṣù Kẹta ọdún 2008 ni. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, òun náà ni mo ṣì ń tà. Lásìkò yẹn, kò sí ìsọ̀ tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ ṣíà. Ẹni tí kò ní, ojú ń tì í. Mo ní mílíọ̀nù kan náírà. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan wá bá mi, ó ní àwọn á yá mi ní mílíọ̀nù kan sí i, pé ṣíà tí mo bá rà ló máa dúró fún gbèsè. Ṣíà di ìwọ̀fà, inú mi sì ń dùn. Mo ra 100,000 ní náírà 20 ìkọ̀ọ̀kan.

Gbólóhùn kan wà nínú ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ tí n kò kà dáadáa. Ó ní iye ṣíà náà kò gbọdọ̀ kéré sí ìlọ́po kan àtààbọ̀ gbèsè mi. Tó bá kéré, kí n mú owó wá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn á tà á. Ibí yìí ni kí o ti dúró pẹ̀lú wọn, kí o kọ ọ́ sójú pátákó. Gbèsè jẹ́ mílíọ̀nù kan, nítorí náà ààlà jẹ́ mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, ìyẹn náírà 15 lórí ṣíà kan. Kí ọjà ṣáà ti fi ìdá 25 nínú 100 wálẹ̀, ó ti kàn mí. Kò dìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ni ṣíà bá bàjẹ́.

Ó sì kàn mí. Mo ń fi ẹ̀kọ ya aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún, mo fi ìka tó kún fún ẹ̀kọ gbé e. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kó 250,000 tí mo fi ń ra aṣọ funfun àti aró lọ fún wọn. Gbèsè di 750,000, ààlà mi sì sún dé náírà 11 àti kọ́bọ̀ 25. Ìsọ̀ mi ṣófo, mo sì ń rò pé mo ti gbọ́n.

Nígbà tó já ààlà kejì, n kò ní kọ́bọ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn á tà. Àmọ́ ta ló ń rà? Ní ìdajì kejì ọdún yẹn, àwọn aláṣẹ ọjà tilẹ̀ pàṣẹ fún ìgbà díẹ̀ pé ṣíà kan ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ lóòjọ́. Àwọn tó fẹ́ tà wá tò bí èrò ilé epo, kò sí ẹni tó fẹ́ rà ní iye náà. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ fún ọ pé òun á ti pinnu iye tí òun á ti tà kí nǹkan tó bàjẹ́, bi í léèrè ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Náírà 8 ni wọ́n padà ta tèmi, 800,000 lápapọ̀. Èlé ti sọ gbèsè di 850,000. Mo kó 1,250,000 sílẹ̀, mo tún jẹ báǹkì ní 50,000.

Ìyá kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ọ̀dọ̀ búrókà kan náà la jọ lọ lọ́jọ́ yẹn. Mílíọ̀nù kan tirẹ̀ nìkan ló fi rà, 50,000 ṣíà, kò yá kọ́bọ̀. Ṣíà náà já dé náírà 6, owó rẹ̀ di 300,000. Ó sunkún bí mo ṣe sunkún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè pè é lórí fóònù. Ó ń gba èrè ọdọọdún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó tà á ní náírà 22. Òótọ́ ni pé owó yẹn kò lè ra aṣọ tó lè rà ní 2008 mọ́, má fi ìyẹn pamọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n kò ní gbèsè, ìsọ̀ rẹ̀ kò sì ṣófo ní ọjọ́ kan. Èrò àwa méjèèjì lórí ṣíà yẹn kò yàtọ̀. Èmi ni wọ́n lè fipá lé jáde.

Lẹ́yìn èyí ni kí o tó mú ìṣirò wá. Atọ́ka gbogbo ṣíà ọjà wa, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá iye ṣíà lápapọ̀ ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀, wà ní 66,371 ní Oṣù Kẹta 2008. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, kò pé 20,000 mọ́. Náírà 100 ti di 30. Kí 30 tó padà di 100, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Ọdún 2023 ni atọ́ka náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Kí o wá bi wọ́n: ẹnì kan jèrè 40 nínú 100 fún ọdún mẹ́ta, ó pàdánù 60 lọ́dún kẹrin. Ẹnì kejì ń jèrè 10 péré lọ́dọọdún. Ta ló ṣe dáadáa jù? Ẹni àkọ́kọ́, tí a bá pín in dọ́gba, 15 ló ń jẹ lọ́dún. Àmọ́ 100 rẹ̀ di 110 tí kò pé, ti ẹnì kejì di 146. Jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é lórí ìwé, kí ẹnu yà wọ́n.

Ẹnì kan á rẹ́rìn-ín pé ìyá oníàdìrẹ ni kò mọ̀wé. Sọ ti LTCM fún un, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń fi owó àwọn olówó ṣòwò. Méjì nínú àwọn ọ̀gá tó wà níbẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì lórí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1997. Ohun tí wọ́n yá lé ní dọ́là 25 lórí dọ́là kan tiwọn. Ní 1998, wọ́n pàdánù bílíọ̀nù dọ́là mẹ́rin àtààbọ̀ àti díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Àwọn báǹkì ńlá ńlá 14 kó bílíọ̀nù 3.6 jọ, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fara balẹ̀ tú u ká, owó wọn sì padà wá pẹ̀lú èrè díẹ̀. Ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tèmi ni àwọn báǹkì yẹn; àwọn onínobẹ́ẹ̀lì ni èmi.

Má sì jẹ́ kí wọ́n rò pé kéèyàn ṣáà ti dúró ti tó. Ní 2011, ìjọba gba báǹkì mẹ́ta nílẹ̀ wa, àwọn tó ní ṣíà wọn kò rí nǹkan kan gbà padà. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni ìyá yẹn rà, ì bá máa dúró títí di òní. Sùúrù wúlò fún ẹni tó fọ́n owó rẹ̀ sí ibi púpọ̀, tí owó oúnjẹ àti owó ọjà rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Ìwé báǹkì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ojú aró díẹ̀ wà létí rẹ̀. Wá sí Ìtòkú kí ọjọ́ ọ̀rọ̀ rẹ tó pé, kí o ya fọ́tò ojú ewé kejì, níbi tí ìlọ́po kan àtààbọ̀ wà. Bo orúkọ báǹkì àti orúkọ mi kí o tó fi hàn wọ́n.